Owó ilé tó sá pamọ́ sínú aṣọ: ìṣirò alákòópọ̀ àti ìṣirò aláyìípadà

Ní Òṣogbo, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ àdìrẹ mọ̀ pé oṣù kò dọ́gba. Nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun bá dé ní oṣù Kẹjọ, tí àlejò kún ìlú, aṣọ a máa tà. Ṣùgbọ́n nínú oṣù Keje tó ṣáájú rẹ̀, rírẹ ni aláró ń rẹ aṣọ tó ń kó o jọ sí yàrá, ohun tó ń tà kì í tó ohun tó ń rẹ. Ní ìparí oṣù Keje yìí ni ìbéèrè kan máa ń dìde nínú ìwé ìṣirò: owó ilé tí wọ́n san lórí ọgbà ìrẹṣọ lóṣù náà, ṣé ìnáwó oṣù Keje ni gbogbo rẹ̀, àbí apá kan rẹ̀ ti wọ inú aṣọ tó wà nílẹ̀, tí yóò sì máa bá aṣọ náà gbé títí di ọjọ́ tí wọn yóò tà á?

Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ló ya ọ̀nà ìṣirò méjì sọ́tọ̀. Èkíní ni àwọn akáǹtáǹtì ń pè ní àbúsọ́pṣọ̀n kọ́sítìn. Èmi yóò pè é ní ìṣirò alákòópọ̀, nítorí pé gbogbo ìnáwó ilé iṣẹ́ ló ń kó pọ̀ lé ọjà lórí. Èkejì ni fáríábù kọ́sítìn, tí a ó pè ní ìṣirò aláyìípadà, nítorí pé ìnáwó tó ń yí padà bí iye ọjà bá ṣe ń yí padà nìkan ló ń gbé lé ọjà lórí. Nínú gbogbo nǹkan yòókù, ọ̀rọ̀ wọn dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé iṣẹ́ aláró kan ṣe àpẹẹrẹ, kí a sì pe ẹni tó ni ín ní Ìyá Aláró. Aṣọ oníyáàdì márùn-ún ló ń rẹ. Aṣọ funfun, aró, kẹ́míkà, àbẹ́là àti owó àwọn tó ń gba owó iṣẹ́ lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦5,000 lórí ẹyọ kan. Bí kò bá rẹ aṣọ, kò ní ná owó yìí. Ṣùgbọ́n owó ilé ọgbà ìrẹṣọ, owó oṣù ọ̀gá òṣìṣẹ́, owó oṣù ọlọ́dẹ àti iye tí àwọn ọpọ́n aró fi ń gbó jẹ́ ₦600,000 lóṣù, yálà ó rẹ ọgọ́rùn-ún aṣọ tàbí kò rẹ ẹyọ kan. Èyí ni ìnáwó ilé iṣẹ́ tí kì í yí padà, òun gan-an sì ni ìjà wà lórí rẹ̀. Ó tún ń san ₦150,000 lóṣù lórí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tajà. Owó títà lèyí, kì í ṣe owó ṣíṣe, nítorí náà kò sí ọ̀kan nínú ọ̀nà méjèèjì tó gbà á láyè láti wọ inú aṣọ. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á kó owó ṣọ́ọ̀bù pọ̀ mọ́ owó ọgbà, wọ́n á sì rò pé ìṣirò alákòópọ̀ ni àwọn ń ṣe.

Ìyá Aláró ń ta aṣọ kọ̀ọ̀kan ní ₦9,000, ọ̀ọ́dúnrún aṣọ ló sì máa ń rẹ lóṣù tí nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ. Bí a bá pín ₦600,000 sí ọ̀nà 300, ₦2,000 ló kan aṣọ kọ̀ọ̀kan. Lójú ìṣirò alákòópọ̀, ₦7,000 ni aṣọ kan náni. Lójú ìṣirò aláyìípadà, ₦5,000 ni, ₦600,000 náà yóò sì lọ pẹ̀lú oṣù tí wọ́n ná an.

Nínú oṣù Kẹfà, ó rẹ 300, ó sì ta gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà tó wù kí ẹ gbà ṣírò rẹ̀, ₦450,000 ni èrè, nítorí pé kò sí aṣọ tó kù nílẹ̀ tí owó ilé lè sá wọ̀. Oṣù Keje ló yàtọ̀. Ó rẹ 300, ṣùgbọ́n 180 ló tà, ọgọ́fà aṣọ sì kù ní yàrá. Ìṣirò aláyìípadà ní: aṣọ kọ̀ọ̀kan mú ₦4,000 wá lórí owó rẹ̀, 180 mú ₦720,000 wá, ẹ yọ ₦600,000 ti ọgbà àti ₦150,000 ti ṣọ́ọ̀bù kúrò, àdánù ₦30,000 ló kù. Ìṣirò alákòópọ̀ ní: aṣọ kọ̀ọ̀kan mú ₦2,000 wá lórí ₦7,000 tó náni, 180 mú ₦360,000 wá, ẹ yọ ₦150,000 kúrò, èrè ₦210,000 ni.

Obìnrin kan náà, oṣù kan náà, aṣọ kan náà. Níbo ni ₦240,000 tó wà láàárín wọn ti wá? Ẹ wo yàrá: ọgọ́fà aṣọ ló wà níbẹ̀, ₦2,000 owó ọgbà sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó tí wọ́n ti ná ni, ṣùgbọ́n ìṣirò alákòópọ̀ kà á sí ohun ìní tó wà nílẹ̀, kò kà á sí ohun tó ti lọ. Nígbà tí oṣù Kẹjọ dé, tí ó rẹ 300 tó sì ta 420, owó tó sá pamọ́ yẹn jáde: ìṣirò aláyìípadà fi èrè ₦930,000 hàn, alákòópọ̀ fi ₦690,000 hàn. Ẹ ro oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ₦1,350,000 ni ọ̀nà méjèèjì yóò sọ. Àkókò tí ìnáwó wọ ìwé nìkan ni wọ́n ń jà lé lórí. Wọn kò jà lórí bóyá a ná owó náà.

Bí Ìyá Aláró bá wá bi mí ní ìparí oṣù Keje pé, “Ọmọ mi, ṣé mo jèrè àbí mi ò jèrè?”, ohun tí n ó kọ́kọ́ sọ ni pé, “Màmá, ẹ jẹ́ kí n wo yàrá aṣọ yín ná.” N ó sì fi kún un pé kò sí ọ̀kan nínú ìṣirò méjèèjì tó ń sọ iye tó wà lápò wọn. Lórí ọgọ́fà aṣọ tó wà nílẹ̀ yẹn, ₦600,000 aṣọ funfun, aró àti owó iṣẹ́ ló ti jáde pẹ̀lú, àwọn méjèèjì sì fẹnu kò pé ohun ìní ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti lè dá wàhálà sílẹ̀ ni ìgbà tí ẹlòmíràn bá ń bójú tó ilé iṣẹ́, tí wọ́n sì ń fún un ní ẹ̀bùn lórí èrè. Ká ní alábòójútó náà mú kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ 600 aṣọ nínú oṣù Keje, tí ìnáwó ọgbà kò sì kọjá ₦600,000, tí 180 yẹn náà ni wọ́n tà. Ìnáwó ọgbà yóò di ₦1,000 lórí aṣọ kan, aṣọ yóò náni ní ₦6,000. Èrè alákòópọ̀ yóò di ₦390,000, ó fi ₦180,000 ju ti ìṣáájú lọ, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ra aṣọ kan kún un. Ìṣirò aláyìípadà kò yí ohùn padà: àdánù ₦30,000 ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ₦420,000 owó ọgbà wà nínú 420 aṣọ tó kún yàrá dé òrùlé.

Síbẹ̀, ìṣirò alákòópọ̀ ni òfin fẹ́ nínú ìwé tí a ń gbé síta. Ìlànà àgbáyé lórí ọjà tó wà nílẹ̀, tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ta ìpín fún aráàlú ní Nàìjíríà ti ń tẹ̀ lé láti ọdún 2012, sọ pé ìnáwó ilé iṣẹ́ tí kì í yí padà gbọ́dọ̀ wà nínú iye owó ọjà. Ìṣirò aláyìípadà jẹ́ ti inú ilé, fún ẹni tó fẹ́ ṣe ìpinnu. Mi ò sì bá òfin jà, nítorí pé aṣọ kò lè di àdìrẹ láìsí ọgbà tí a ti rẹ ẹ́.

Ìlànà náà tún sọ pé iye tí ilé iṣẹ́ máa ń ṣe lásìkò tí nǹkan bá dọ́gba ni a ó fi pín ìnáwó yìí. Ká ní òjò dá iṣẹ́ dúró, tí 150 aṣọ péré ni wọ́n rẹ. Ẹni tí kò mọ̀ yóò pín ₦600,000 sí ọ̀nà 150, yóò rí ₦4,000, yóò sì kọ ₦9,000 sílẹ̀ bí iye tí aṣọ náni, iye tí wọ́n ń tà á gan-an. Bí òjò bá tún pọ̀ sí i, aṣọ á túbọ̀ “níye lórí” nínú ìwé. Èyí kò tọ́: ₦2,000 náà ni aṣọ kọ̀ọ̀kan yóò gbé, ₦300,000 tó kù yóò sì wọ ìnáwó oṣù náà lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ tí ọgbà fi dá páro kì í wọ inú aṣọ. Ní òdìkejì, nígbà tí a bá rẹ 600, iye orí aṣọ gbọ́dọ̀ wálẹ̀ sí ₦1,000 bí a ti ṣe é lókè, nítorí bí a bá fi í sílẹ̀ ní ₦2,000, aṣọ 420 yóò gbé ₦840,000 owó ọgbà, nígbà tó jẹ́ pé ₦600,000 ni gbogbo ohun tí a ná. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìlànà yìí kò dí alábòójútó tó ń rẹ aṣọ ní àrẹjù lọ́wọ́. Kìkì pé kò jẹ́ kó kọ ju ohun tó ná lọ ni.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá èrè tí wọ́n kọ fún òun ti inú yàrá wá yóò béèrè nǹkan mẹ́ta: aṣọ mélòó ló wà nílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù, mélòó ló wà níparí rẹ̀, àti èló ni owó ọgbà tó wà lórí ẹyọ kan. Bí iye orí ẹyọ kò bá yí padà, kí ó fi iye aṣọ tó fi lé sí i sọ owó yẹn di púpọ̀, kí ó yọ ọ́ kúrò nínú èrè, ohun tí ìṣirò aláyìípadà ìbá sọ ni yóò rí. Bí iye orí ẹyọ bá yí padà, kí ó ṣírò owó ọgbà tó wà nínú aṣọ ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wá wo aṣọ gan-an. Bí ọdún Ọ̀ṣun bá kọjá, tí àrà inú aṣọ 420 yẹn kò sì wu ará ìlú mọ́, tó jẹ́ pé ₦5,500 péré ni ẹnikẹ́ni yóò fún un lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦6,000 kò lè dúró nínú ìwé. A ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí iye tí títà rẹ̀ yóò mú wọlé, ₦210,000 yóò sì jáde bí àdánù lójú kan náà.