Ìtẹ̀kútẹ̀ kọ́ ni ọmọ ń tẹ kíbọ́ọ̀dù

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọ Pámárì Kẹta bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kí olùkọ́ tó la ẹnu ni wọ́n ti ń tẹ bọ́tìnì wàràwàrà. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ á pariwo mọ́ wọn pé kí wọ́n káwọ́ kúrò níbẹ̀. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo máa ń ṣí Notepad sílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n fi bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tẹ ohun tó bá wù wọ́n. Mi ò kì í lo Word, torí Word a máa sọ lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn di ńlá fúnra rẹ̀, mi ò sì ní mọ èyí tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ mọ́. Ohun tí ọmọ bá tẹ̀ ni mo fẹ́ kà.

Ẹ wo ohun tí ọmọbìnrin kan tẹ̀:

```
hhhhhhhhhhhhhhhhhhhhhhhh
hjkhjkhjkhjk
h h h h h
hhHHhhHHH
```

Ní ìlà kìíní, ó fi ìka lé h, kò sì gbé e kúrò. Bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀, lẹ́tà kan á kọ́kọ́ jáde, kọ̀ǹpútà á dúró díẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan, lẹ́tà náà á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya jáde. Ọmọ tó ti mọ́ lára láti tẹ pẹ́ńsù mọ́ ìwé dáadáa rò pé bó ṣe yẹ kóun tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Ní ìlà kejì, ó fi ìka mẹ́ta tẹ bọ́tìnì mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì ń tún un tẹ̀, kó lè rí i bóyá ohun kan náà ni yóò máa jáde. Nígbà tó fi máa dé ìlà kẹta, ó ti mọ̀ pé kí òun tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí òun sì gbé ìka kúrò.

Ìlà kẹrin ló dùn mọ́ mi jù. Caps Lock ló tẹ̀, bọ́tìnì yẹn kì í sì í gbé nǹkan kan jáde lójú kọ̀ǹpútà. Nígbà tí kò rí nǹkan, ó padà sórí h tó ti mọ̀, h sì jáde ní lẹ́tà ńlá. Ó tún tẹ Caps Lock, ó tún fi h dán an wò. Òun fúnra rẹ̀ ló pè mí pé, “Àǹtí, ẹ wá wò ó, ó ti tóbi!” Ọmọ tó mú nǹkan kan dání, tó wá ń yí ẹyọ kan ṣoṣo padà kó lè mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe, ìwádìí ló ń ṣe.

Ọmọ mìíràn á tẹ `dkfjslwoeir;alsk`, kò ní tún ohunkóhun ṣe. Ojú rẹ̀ ni mo máa ń wò. Bó bá jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ń wò, àfàìmọ̀ kó máà tíì mọ̀ pé bọ́tìnì ló ń mú lẹ́tà jáde. Mo máa ń sọ fún un pé, “Fún mi ní k kan ṣoṣo.” Bó bá tẹ ẹyọ kan tó sì gbójú sókè wo kọ̀ǹpútà, ó mọ̀ ọ́n, ìró bọ́tìnì ló kàn ń gbádùn. Bó bá tẹ̀ ẹ́ tó sì ń wo ojú èmi, òun ni mo máa jókòó tì.

Àwọn kan á tẹ ọ̀kan, wọ́n á dúró, wọ́n á tún tẹ òmíràn. Wọ́n ń wá nǹkan ni. Lẹ́tà kékeré ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wọn, lẹ́tà ńlá ló sì wà lórí kíbọ́ọ̀dù, nítorí náà ọmọ á máa wá g nígbà tó ń wo G. Wọn ò sì tò ó ní A, B, D. Ètò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àwọn ọdún 1870 ló ṣì wà lórí rẹ̀. Ọmọ tó ń jẹ́ Ṣadé kò tilẹ̀ ní rí ṣ níbẹ̀ rárá. Mo máa ń ya kíbọ́ọ̀dù sórí páálí, tí mo kọ lẹ́tà kékeré sábẹ́ ńlá, mo sì máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan.

Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ ló lẹ́bi. Kọ̀ǹpútà tó ti gbó á gba ohun tí ọmọ tẹ̀, kò ní fi hàn. Ọmọ á tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀márùn-ún, gbogbo rẹ̀ á wá jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹ tó bá a wí, ẹ fi ìka tiyín tẹ lẹ́tà kan, kí ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó kó tó hàn.

Notepad kì í sọ ohun gbogbo o. Ohun tí ọmọ bá fi Backspace pa rẹ́ ti lọ, ẹ̀yìn wọn ló sì yẹ kí olùkọ́ dúró sí. Bí ọmọ méjì bá ń pín ẹ̀rọ kan, èyí tó lágbára jù ló máa ń gba kíbọ́ọ̀dù. Mo máa ń ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ ìlà tirẹ̀, kó tẹ Enter, kó tó sún un fún èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń mọ ẹni tó ni ìlà wo.