Iná Jó Ṣọ́ọ̀bù, Ta Ló Ṣáná sí I?

"Ìdójútòfò iná ni mo rà, iná náà ló sì jó mi." Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́ létí, àmọ́ òun gan-an ló ń fa ìjà láàárín ọlọ́jà àti iléeṣẹ́ adójútòfò. Ìwé àdéhùn iná kì í bìkítà bí iná ṣe ga tó. Ẹni tó ṣáná ló ń béèrè. Bí wáyà bá gbiná lóru, wọ́n á sanwó. Bí àwọn tó ń jà ní ìgboro bá ju táyà tó ń jó sínú ṣọ́ọ̀bù yẹn kan náà, wọn kò ní san kọ́bọ̀, torí gbólóhùn kan wà nínú ìwé náà tó yọ rògbòdìyàn, ìyanṣẹ́lódì àti rúkèrúdò ìlú kúrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọkọ̀: kọmpurihẹ́nsìfù tí àwọn èèyàn rò pé ó kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sábà máa ń fi èyí sílẹ̀, àfi kéèyàn san àfikún.

Kì í ṣe ahun nìkan ló fà á. Ẹ jẹ́ ká mú ọgọ́rùn-ún ọlọ́ṣọ́ọ̀bù, kí kálukú dá 20,000 náírà lọ́dún. Mílíọ̀nù 2 nìyẹn. Bí ṣọ́ọ̀bù kan bá jó lọ́dún, tí ọjà inú rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù kan ààbọ̀, owó tó, ó sì ṣẹ́kù díẹ̀. Lọ́jọ́ rògbòdìyàn, ọgbọ̀n ṣọ́ọ̀bù lè jó lójú pópó kan ṣoṣo láàárín wákàtí mẹ́ta: mílíọ̀nù 45. Ó dà bí alájọ tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ jí lówùúrọ̀ kan náà, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ kó owó. Bó bá fowó kún iye tó ń gbà lọ́wọ́ gbogbo wọn, ẹni tó ń gbé àdúgbò tó dákẹ́ á kúrò nínú àjọ náà, kìkì àwọn tí ṣọ́ọ̀bù wọn kojú oríta tí wọ́n ti máa ń wọ́de á sì kù. Ìdí nìyẹn tí ìdójútòfò rògbòdìyàn fi di àfikún tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀.

Gbólóhùn àfikún náà gan-an ló dùn mọ́ mi, torí ọwọ́ mẹ́ta ló dárúkọ. Àkọ́kọ́ ni ẹni tó bá àwọn mìíràn da àlàáfíà ìlú rú. Ìkejì ni òṣìṣẹ́ tó mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ nítorí ìyanṣẹ́lódì. Ìkẹta, tí ọ̀pọ̀ kì í kà dé, ni ìgbésẹ̀ àwọn aláṣẹ tó ń pa rògbòdìyàn náà. Bí agolo tajútajú tí ọlọ́pàá jù bá jábọ́ sórí báálì aṣọ, tí ṣọ́ọ̀bù jó, àfikún yìí dáhùn fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbófinró ló ṣe é.

Ẹ wo ìgbà tí iná sọ l'Ékòó lẹ́yìn ìyìnbọn Lẹ́kkí ní 20 oṣù kẹwàá ọdún 2020, tí wọ́n sun ibùdó bọ́ọ̀sì Oyíngbò. Ká ní ọlọ́jà kan wà nítòsí tó ní àfikún náà. Ọjà tó jó àti gíláàsì tí wọ́n fọ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Àmọ́ èrè ọ̀sẹ̀ méjì tó fi ti ilẹ̀kùn kò sí níbẹ̀, torí iṣẹ́ tó dúró lásán kì í ṣe ìbàjẹ́. Bí ìgboro bá sì ti rọlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó wá kó ọjà rẹ̀ lóru, olè nìyẹn, ìwé mìíràn ló ń dáhùn fún olè. Fọ́tò tí aago hàn lára rẹ̀ àti ìwé ọjà tó kó wọlé ló máa ń tú irú wàhálà bẹ́ẹ̀.

Ààlà kan tún wà tí mi ò fẹ́ràn. Bí rúkèrúdò bá gbòòrò débi pé wọ́n lè pè é ní ìdìde gbogbo ará ìlú, àfikún náà fúnra rẹ̀ lè bọ́ sílẹ̀. Ìyẹn ni pé ọjọ́ tí nǹkan bá burú jù lọ ni ìwé náà lè ṣaláì ṣiṣẹ́.

Ní Gúúsù Áfíríkà, lẹ́yìn rògbòdìyàn Sòwétò ọdún 1976, àwọn adójútòfò aládàáni sá fún irú ewu yìí. Ìjọba dá iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Sásíríà sílẹ̀ lọ́dún 1979 láti gbé ewu náà. Àwọn iléeṣẹ́ aládàáni ló ń bá a tà á fún oníbàárà, Sásíríà ló sì ń sanwó. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé àjọ náà tóbi tó orílẹ̀-èdè, ẹni tó wà ní àdúgbò tó dákẹ́ àti ẹni tó wà ní oríta jọ wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, lẹ́yìn rògbòdìyàn oṣù keje ọdún 2021, ohun tí wọ́n ní kó san lé ní bílíọ̀nù 30 ráńdì, ó ju agbára rẹ̀ lọ, àpò ìjọba ni wọ́n ti bu owó kún un.