Wọ́n ní àwọn á pè mí padà, mi ò gbọ́ nǹkan kan: kí ni kí n máa kọ sílẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, Sábó ní Ìkòròdú ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà mi wà. Mo san owó dátà oṣù kan, owó kúrò ní báńkì, dátà ò wọlé. Tí mo bá ti pe ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà, "a ó pè yín padà" ni wọ́n máa ń sọ. Wọ́n ní kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ kí ni mo fẹ́ kọ nígbà tí wọn ò pè?

Ìdáhùn: Pé wọn ò pè yẹn gan-an ni kí ẹ kọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ ọjọ́ tí wọ́n pe ilé-iṣẹ́, wọn kì í kọ ọjọ́ tí àdéhùn yẹ̀. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí:

*Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta 2025, 10:12 àárọ̀.* Mo pè. Ọkùnrin tó gbé e ní Ṣẹ́gun lorúkọ òun. Nọ́ńbà ẹ̀sùn tó fún mi ni 48213. Ó ní wọ́n á pè mí kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú.

*Ọjọ́rú, 5 oṣù Kẹta, 4:00 ìrọ̀lẹ́.* Wọn ò pè. Fóònù mi wà ní títàn látàárọ̀, àwọn oníbàárà ń pè mí wọlé. Kò sí ìpè kankan tí mi ò gbé.

*Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù Kẹta, 9:05 àárọ̀.* Mo pè. Obìnrin kan gbé e, kò sọ orúkọ. Ó ní wọ́n pè mí lánàá, mi ò gbé e. Ó fẹ́ ṣí ẹ̀sùn tuntun fún mi.

Ṣé ẹ rí i pé ohun tí ẹ kọ ní Ọjọ́rú ló dá obìnrin Ọjọ́bọ̀ lóhùn? Òṣìṣẹ́ kan lè kọ sórí kọ̀ǹpútà wọn pé "a pè é, kò gbé e", kó sì ti ẹ̀sùn náà pa. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dá, ẹ ya àwòrán ojú fóònù yín níbi tí àwọn ìpè tó wọlé wà. Ẹ má fi í falẹ̀, torí fóònù kì í tọ́jú gbogbo ìpè, àwọn ìpè tuntun á ti àwọn ti tẹ́lẹ̀ jáde, pàápàá fún ẹni tó ń tajà. Tó bá sì jẹ́ pé lóòótọ́ ni wọ́n pè tí ẹ ò gbé e, ẹ kọ ọ́, kí ẹ kọ aago tí ẹ pè wọ́n padà sí i. Bí ẹ bá fi í pamọ́, tí wọ́n sì mú un jáde, ìyókù ìwé yín ò ní lágbára mọ́.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà tuntun yẹn ló máa ń dùn mí jù. Bí ẹ bá gbà á lásán, lójú wọn, òní ni ẹjọ́ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé: "48213 ńkọ́? Ṣé ẹ ti tì í ni? Kí ló dé tí ẹ fi tì í?" Bí wọ́n bá ní dandan ni tuntun, ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sórí ìlà kan náà, kí ẹ sì máa dárúkọ méjèèjì nígbàkúùgbà tí ẹ bá pè.

Ìbéèrè: Ṣé wọn ò ní sọ pé èmi náà ni mo kọ ọ́, pé ohun tó wù mí ni mo lè kọ?

Ìdáhùn: Wọ́n lè sọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa fi íméèlì kékeré ránṣẹ́ lẹ́yìn ìpè kọ̀ọ̀kan, lọ́jọ́ náà gan-an: "Lórí ẹ̀sùn 48213, Ṣẹ́gun sọ fún mi láàárọ̀ yìí pé ẹ ó pè mí kó tó di aago mẹ́rin Ọjọ́rú. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fèsì." Íméèlì yẹn ní ọjọ́ àti aago tirẹ̀, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn náà. Ẹ má kọ èébú sínú rẹ̀, bó ti wù kí inú bí yín tó, torí ẹlòmíì ló máa kà á níkẹyìn.

Ìbéèrè: Ibo ni kí n gbé e lọ bí wọn ò bá dáhùn?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ bi ilé-iṣẹ́ náà nínú ìwé bóyá owó dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí wọ́n bá ní kò dé, ẹjọ́ báńkì nìyẹn. Kí ẹ fẹjọ́ sun báńkì yín, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn tiwọn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ní láti yanjú ẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ẹ lè gbé e lọ sí báńkì àpapọ̀, CBN. Bí owó bá dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, NCC ló ń mójú tó wọn. Ẹ pe 622, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á fẹ́ mọ̀ pé ẹ ti kọ́kọ́ fẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, wọ́n á sì béèrè nọ́ńbà ẹ̀sùn yín. Ẹ fún wọn ní 48213, ọjọ́ tí ẹ gbà á, ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín, àti iye ìgbà tí ọjọ́ náà ti kọjá láìsí ìpè.