Ààlà gíréèdì nínú ìdánwò

Ààlà gíréèdì ni máàkì tí ó kéré jù lọ tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ gbà kí a tó lè kọ gíréèdì kan sí iwájú orúkọ rẹ̀. Máàkì tí olùkọ́ kà jọ lórí ìwé ìdáhùn kò fi bẹ́ẹ̀ sọ nǹkan kan fúnra rẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba 22 nínú 40 lè jẹ́ ọ̀jáfáfá bí ìbéèrè bá le, ó sì lè jẹ́ aláìmọ̀kan bí ìbéèrè bá rọ̀. Ìpinnu àwọn ènìyàn ni ó ń sọ 22 di C tàbí D, kì í ṣe ìṣirò nìkan. Ààlà C6, èyí tí àwọn ará ilé-ẹ̀kọ́ ń pè ní ààlà kírẹ́díìtì, ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé jù, nítorí pé òun ni ó ń pààlà sáàárín ẹni tí yunifásítì lè gbà wọlé àti ẹni tí yóò tún ìdánwò ṣe.

## Táblì tí kì í yí padà

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Òṣogbo, bí ó ti rí káàkiri Nàìjíríà, táblì kan ni àwọn olùkọ́ ń lò láti kọ káàdì èsì: 75 sókè ni A1, 70 ni B2 ti bẹ̀rẹ̀, 65 ni B3, 60 ni C4, 55 ni C5, 50 ni C6, 45 ni D7, 40 ni E8, ohun tí ó bá sì wà nísàlẹ̀ 40 ni F9. Orúkọ gíréèdì mẹ́sàn-án yìí jẹ́ ti Àjọ Ìdánwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Wáẹ̀kì, tí a dá sílẹ̀ ní 1952. Ó yẹ kí a ṣọ́ra níhìn-ín, nítorí pé ọ̀pọ̀ òbí gbà pé Wáẹ̀kì náà kàn ń gbé máàkì lé orí táblì yìí ni, bẹ́ẹ̀ àwọn àjọ ìdánwò ńlá máa ń jókòó lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí a bá ti máàkì ìwé tán, kí wọ́n tó fẹnu kò sí ibi tí gíréèdì yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Àǹfààní táblì tí kì í yí padà ni pé gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ọ́n kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó gbà pé ìbéèrè ọdún yìí àti ti èṣí le bákan náà, ohun tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀ rí.

## Ọ̀nà Angoff

Ọ̀nà tí a mọ̀ jù láti wá ààlà nínú ìbéèrè ọ́bújẹ́ẹ̀tíìfù ni èyí tí a fi orúkọ William Angoff pè, ẹni tí ó kọ nípa rẹ̀ ní 1971. Nínú àlàyé kékeré ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé ni ó ti sọ irú èyí tí gbogbo ayé wá gbà lò lẹ́yìn náà, ó sì ka èrò ọ̀hún sí ti Ledyard Tucker, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tí ọ̀nà yìí ń béèrè kò ṣòro láti sọ, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti ṣe dáadáa. A ó kó àwọn olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ náà jọ, a ó sì ní kí wọ́n fojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ etí ààlà, ìyẹn ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tó C6, tí kò sì fi nǹkan kan lé e. Wọn kò ní wo ọmọ tí ó mọ̀wé jù ní kíláàsì, wọn kò sì ní wo ọmọ tí ó wà láàárín. Lẹ́yìn èyí, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan yóò mú ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì sọ pé: bí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ bá pé 100, mélòó nínú wọn ni yóò mú ìdáhùn tí ó tọ́? Níbi tí ìdáhùn mẹ́rin bá wà láti yàn, ẹni tí ó kàn ń tọ́ka láìmọ nǹkan kan yóò gba nǹkan bí 25 nínú 100, nítorí náà ó yẹ kí olùkọ́ tí ó bá kọ 10 ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó gba àkókò jù ni kí gbogbo wọn fẹnu kò lórí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ etí ààlà mọ̀ àti ohun tí kò mọ̀. Bí a bá fo èyí, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan yóò máa wo ọmọ kíláàsì tirẹ̀, iye tí wọ́n bá sì kọ yóò jìnnà síra wọn gan-an.

## Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ kí a mú ìdánwò ìgbéga Ìṣirò fún SS2, oníbéèrè 40, tí àwọn olùkọ́ márùn-ún láti ilé-ẹ̀kọ́ ní agbègbè Òkè-Fíà àti Alékúwodò ní Òṣogbo jọ jókòó lé lórí. Àpẹẹrẹ àfikọ́ni ni, kì í ṣe èsì ilé-ẹ̀kọ́ kan pàtó.

Ìbéèrè kìíní ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá x nínú `2x + 3 = 11`. Àwọn olùkọ́ kọ 90, 85, 95, 80 àti 90, èyí tí ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 88. Kò sí àríyànjiyàn lórí èyí. Ìbéèrè míràn sọ pé ẹnì kan fi ₦20,000 pamọ́ sí báńkì fún ọdún mẹ́ta, èlé sì jẹ́ ₦5 lórí ₦100 lọ́dọọdún: èlòó ni èlé náà? Ìdáhùn ni ₦3,000. Níhìn-ín àwọn olùkọ́ kọ 70, 60, 75, 35 àti 65, ìpíndọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ 61. Nígbà tí wọ́n bi ẹni tí ó kọ 35 léèrè, ó tọ́ka sí i pé ₦23,000 wà lára ìdáhùn tí a ní kí wọ́n yàn, bẹ́ẹ̀ sì ni akẹ́kọ̀ọ́ etí ààlà máa ń ro owó àti èlé pọ̀ láìwo ohun tí a béèrè. Àwọn yòókù kò tíì kíyè sí ìdáhùn yẹn. Ní ìpele kejì wọ́n kọ 60, 55, 60, 45 àti 60, ìpíndọ́gba náà sì wálẹ̀ sí 56. Ohun tí ìjíròrò wà fún nìyẹn. Kò pọn dandan kí iye wọn bára mu, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ti rí ìbéèrè náà bí ó ti rí.

Nígbà tí a ka ìbéèrè 40 pọ̀ fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, ààlà tí wọ́n fà jẹ́ 20.1, 21.0, 23.2, 19.8 àti 22.9. Ìpíndọ́gba rẹ̀ ni 21.4. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn fi hàn pé bí a bá kó olùkọ́ márùn-ún mìíràn jọ, ààlà náà lè yẹ̀ ní nǹkan bí 0.7 sókè tàbí sísàlẹ̀. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lè gba 21.4, nítorí náà ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ yan 21 tàbí 22, ìṣirò kò sì lè yàn fún wọn.

Ibẹ̀ ni a ti ń yẹ èsì wò. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ 120 ni ó ṣe ìdánwò náà, tí 66 nínú wọn gba 22 sókè, tí 73 sì gba 21 sókè: ọmọ méje ni ó dúró lórí 21 gan-an. Bí ìfọ́nká máàkì wọn, ìyẹn bí máàkì ti tàn jìnnà sí ìpíndọ́gba tó, bá jẹ́ 6.5, tí ìwọ̀n ìṣeéfọkàntán ìdánwò náà, ìyẹn bí èsì rẹ̀ yóò ti bára mu tó bí a bá tún un ṣe, sì jẹ́ 0.84, àṣìṣe tí ó wà nínú máàkì ẹnì kọ̀ọ̀kan ni:

```
6.5 × √(1 − 0.84) = 2.6
```

Èyí túmọ̀ sí pé ọmọ tí ó gba 21 lónìí lè gba 19 tàbí 23 nínú irú ìdánwò kan náà lọ́la láìjẹ́ pé ìmọ̀ rẹ̀ yí padà. Ìgbìmọ̀ wá ní láti ro èwo nínú àṣìṣe méjèèjì ni ó burú jù, kí wọ́n dá ẹni tí ó yẹ dúró ni, àbí kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tí kò yẹ kọjá. Nínú ìdánwò ìgbéga, ẹni tí a dá dúró láìtọ́ yóò pàdánù odidi ọdún kan, ẹni tí a gbé kọjá láìtọ́ sì ṣì ní SS3 láti fi bá ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdí tí ó tọ́ wà láti mú 21. Nínú ìdánwò tí ó ń fún ni ní ìwé àṣẹ láti fún ènìyàn lóògùn, ìdí kan náà yóò tọ́ka sí 22.

## Láàárín C6 àti A1

Wọn kì í fi ọ̀nà Angoff wá gbogbo ààlà; ó máa ń rẹ àwọn olùkọ́. Ààlà méjì tàbí mẹ́ta ni a ń fi ìdájọ́ wá, a ó sì pín àárín wọn dọ́gba. Bí ìgbìmọ̀ bá fi A1 sí 32, àlàfo láti 21 jẹ́ máàkì 11, ìgbésẹ̀ sì jẹ́ márùn-ún, nítorí náà ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2.2. Nígbà tí a bá sọ ọ́ di odidi nọ́ńbà, C5 yóò bẹ̀rẹ̀ ní 23, C4 ní 25, B3 ní 28, B2 ní 30.

Ohun tí ìwé ìléwọ́ àwọn olùkọ́ kì í sábà sọ ni pé gíréèdì tí ó gba máàkì méjì péré, bí B2 tí ó jẹ́ 30 àti 31, kéré sí àṣìṣe 2.6 tí a ti rí lókè. B2 àti B3 nínú ìdánwò oníbéèrè 40 kò jìnnà síra wọn tó láti fi sọ pé ẹnì kan mọ̀wé ju ẹnì kejì lọ. Bí a bá fẹ́ gíréèdì mẹ́sàn-án tí ó nítumọ̀, àfi kí ìbéèrè pọ̀ sí i, tàbí kí a da máàkì tíọ̀rì pọ̀ mọ́ ọn.

## Àmì pé ààlà kò tọ́

Lẹ́yìn ìdánwò, a lè mú àwọn tí ó gba láàárín 19 sí 23, kí a sì wo iye wọn tí ó mú ìdáhùn tí ó tọ́ nínú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn olùkọ́ bá kọ 56 tí èsì sì jẹ́ 50, kò sí wàhálà. Bí èsì bá jẹ́ 15, ó ṣeé ṣe kí àkọ́ọ́lẹ̀ ìbéèrè náà rú ènìyàn lójú, tàbí kí ìdáhùn tí a fi máàkì jẹ́ òdì. A ń mọ ti èyí tí ó kẹ́yìn nípa pé àwọn tí ó gba máàkì jù lọ ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kùnà ìbéèrè náà. Kí a yọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kúrò, kí a sì yọ iye tí àwọn olùkọ́ kọ fún un kúrò nínú ààlà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ń ṣe ti ìṣáájú, wọ́n sì ń gbàgbé ti ìkejì, ààlà á wá le ju bí wọ́n ti fà á lọ.

## Ní yunifásítì

Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní Nàìjíríà ń lo ààlà tí kì í yí padà: 70 ni A, 60 ni B, 50 ni C, 45 ni D. A jẹ́ pọ́íńtì 5, B jẹ́ 4, nítorí náà máàkì kan tí ó wà láàárín 69 àti 70 ń yọ odidi pọ́íńtì kan kúrò lórí yúníìtì kọ̀ọ̀kan. Fún kọ́ọ̀sì oníyúníìtì mẹ́ta, pọ́íńtì mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ pàdánù, bí ẹni tí ó gba 60 gan-an ti pàdánù rẹ̀.