Ta ló sọ pé kotéṣọ̀n gígùn ló ń gba máàkì?

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ọ́ jàre. Tí Wáẹ̀kì bá ti ń sún mọ́lé ní Òṣogbo níbí, àtàwọn ọmọ lẹ́sìnnì l'Ókè-Fìà o, àtàwọn tó ń dúró de mọ́tò l'Ọ́laìyá o, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe, ọmọ á di ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń múra sílẹ̀ fún Lítíréṣọ̀ mú, á pa ojú dé, á máa ka kotéṣọ̀n, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n yọ látinú ìwé ìtàn, sókè bí ẹni ń ké ewì, ìpínrọ̀ kan gbáko. Bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe, á ní ibi tíìmù lòun máa lò ó sí, ẹ̀rí ni. Ẹ̀rí kí ni? "Ẹ̀rí tíìmù náà ni, sà."

Pé kéèyàn fi ọ̀rọ̀ inú ìwé ti ohun tó bá sọ lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn. Pé wọn ò ní ká tún ìtàn sọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, gbogbo tíṣà ló ti sọ ọ́ títí ẹnu fi bó. Èyí tó ń bí mi nínú ni pé wọ́n gbà pé bí kotéṣọ̀n bá ṣe gùn tó ni máàkì ẹ̀ á ṣe pọ̀ tó, àti pé téèyàn bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ láì ṣì í, iṣẹ́ ti parí. Pépà próòsì ti Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè méjì ni wọ́n máa ń ní ká dáhùn láàárín wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15, ìyẹn bí ìṣẹ́jú 37 fún ọ̀kan, wọn ò sì ní jẹ́ kéèyàn mú ìwé náà wọlé. Ẹni tó bá wá fi ààbọ̀ ojú ewé da ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé kọ, ta ló ń dáhùn ìbéèrè fún un?

Àmọ́ ọ̀rọ̀ gígùn yẹn gan-an kọ́ nìdí ẹ̀. Ìdí ẹ̀ ni pé wọn ò tíì sọ nǹkan kan kí wọ́n tó lọ wá ẹ̀rí. Wọ́n rò pé ojúkòkòrò ni tíìmù. Ojúkòkòrò, orúkọ ìwà kan ni. Tíìmù ni ohun tí ìwé náà ń sọ nípa ojúkòkòrò yẹn, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi gbólóhùn tí ẹlòmíì lè bá ọ jiyàn lé lórí. Kotéṣọ̀n tí wọn ò gbé kalẹ̀ sábẹ́ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ dà bí ẹlẹ́rìí tí wọ́n pè wá sí kóòtù tí wọn ò sọ ẹjọ́ tí wọ́n ń rò fún, á kàn máa wojú ni.

Ẹ jẹ́ n fi ìwé tí kò sí ṣe àpẹẹrẹ, èmi ni mo gbé e jókòó, kí ẹnì kan má baà lọ há a sórí o. Ká ní ìtàn àròsọ kan wà tí Làmídì jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn ibẹ̀. Bàbá wọn kú, Làmídì gba ilẹ̀ ẹbí mọ́ àbúrò ẹ̀ lọ́wọ́, ó lé e kúrò nílé, ó tún ń wá ẹni tó máa rà á. Ìbéèrè wá ní ká jíròrò lórí ojúkòkòrò nínú ìwé náà. Ọmọ tiwa á ti sáré lọ síbi ìjà tẹ̀gbọ́n tàbúrò, á kọ ìlà mẹ́jọ, òwe inú ẹ̀ pé, èpè inú ẹ̀ pé, á wá fi "èyí fi hàn pé ojúkòkòrò ò dáa" kásẹ̀ ẹ̀ nílẹ̀. Ó ṣeun.

Kí ni ìwé náà ń sọ nípa ojúkòkòrò? Ó lè máa sọ pé ó ń tú ẹbí ká. Ó lè máa sọ pé ìtìjú òṣì ló ń bí i. Ó sì lè máa sọ pé ó ń sọ ẹni tó ni nǹkan di ẹrú nǹkan náà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò lè lo kotéṣọ̀n kan náà, ibí gan-an ni kò yé wọn, pé o ò lè mọ ọ̀rọ̀ tó o máa yọ títí wàá fi mọ ohun tó o fẹ́ sọ. Ká mú ẹ̀kẹta. Ohun tí ọmọ náà lè kọ rèé:

"Òǹkọ̀wé fi hàn pé ojúkòkòrò máa ń sọ ẹni tó ni nǹkan di ẹrú nǹkan náà. Lọ́jọ́ tí Làmídì gba ilẹ̀ bàbá wọn, ó ń fọ́nnu fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé 'mo ti gbà á'. Òun ló ń ṣe, ilẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó lé àbúrò ẹ̀ lọ, ohun tó ń sọ fún ìyàwó ẹ̀ ni pé 'ilẹ̀ yìí ò jẹ́ n sùn'. Ilẹ̀ ló wá ń ṣe é báyìí, oorun ojú ẹ̀ pàápàá ti di ohun tó máa tọrọ."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tó yọ látinú ìwé, mẹ́wàá péré. Wọ́n wọnú gbólóhùn tiẹ̀ láì dá a dúró, a mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, a mọ ẹni tó ń bá sọ ọ́ àti ìgbà tó sọ ọ́, lẹ́yìn náà ló wá fọwọ́ kan nǹkan pàtó nínú ọ̀rọ̀ yẹn, ìyẹn ẹni tó ń ṣe àtẹni tí wọ́n ń ṣe. Ibẹ̀ ni ẹ̀rí wà. Tó o bá fẹ́ yẹ tìẹ wò, fi ọwọ́ bo kotéṣọ̀n náà, kó o wá ka gbólóhùn tó tẹ̀ lé e. Tí gbólóhùn yẹn bá lè jókòó sábẹ́ kotéṣọ̀n mìíràn láìsí wàhálà, a jẹ́ pé kò tíì ṣiṣẹ́ kankan. "Ojúkòkòrò ò dáa" lè jókòó sábẹ́ ohunkóhun, títí kan ìkéde ilẹ̀ títà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri.

Mi ò sọ pé kò sẹ́ni tó kọ ìpínrọ̀ gbọọrọ tó sì páàsì o. Wọ́n wà. Bóyá àwọn gbólóhùn tó kù ló gbà wọ́n là, bóyá ó ti rẹ ẹni tó ń máàkì, mi ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìgbà míì sì wà tí gígùn ọ̀rọ̀ ẹ̀dá ìtàn gan-an jẹ́ nǹkan, bí aláròyé tí kì í dákẹ́, síbẹ̀ ìlà kan àti "ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀" lè tó.

Àwọn ìwé pẹlẹbẹ yẹn ni mo ń bẹ̀rù jù, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń kó kotéṣọ̀n jọ láì sọ ẹni tó sọ ọ́. Ká ní nínú ìwé Làmídì yẹn, Àlááji tó fẹ́ ra ilẹ̀ ní ẹ̀dínwó ló ń wàásù pé "owó ò jẹ́ nǹkan kan", tó sì ń ka owó lọ́wọ́. Ọmọ tó bá bá a nínú ìwé pẹlẹbẹ á gbé e kalẹ̀ bí ìmọ̀ràn òǹkọ̀wé, nígbà tó jẹ́ pé ṣe ni òǹkọ̀wé ń fi Àlááji ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ padà sínú ìwé gan-an, ẹ wo ẹni tó sọ ọ́ àti ohun tọ́wọ́ ẹ̀ ń ṣe nígbà tó ń sọ ọ́.

Tọ́rọ̀ náà bá sì fò lọ lórí yín nínú họ́ọ̀lù, ẹ dákun, ẹ má hun tiyín kẹ́ ẹ wá fi àmì àyọlò sí i. Ẹni tó ń máàkì lè ti ka ìwé yẹn jù yín lọ. Ẹ kọ ọ́ lẹ́nu ara yín pé lẹ́yìn tí Làmídì lé àbúrò ẹ̀ lọ, ó ráhùn fún ìyàwó ẹ̀ pé òun ò rí oorun sùn mọ́ nítorí ilẹ̀, kẹ́ ẹ ṣàlàyé ohun tó túmọ̀ sí, kẹ́ ẹ sì bọ́ sí ìbéèrè kejì.