Bí a ṣe ń tún àtẹ̀jíṣẹ́ wúruwùru kọ láì sọ ọ́ di ìwé òfin

Ẹ wo àtẹ̀jíṣẹ́ yìí, bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe tẹ̀ ẹ́ gan-an:

"e kaale ma mi o tii ri iwe yen o sebi e ni e o fi ransse lana abi e o raye ni ejo e fi ranse kia2 e je n mo ti e o ba wa lola"

Ẹni tó bá kánjú á bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ti ń bà jẹ́. Ẹ wo "yen o sebi". Bí a kò bá tíì mọ ibi tí gbólóhùn parí sí, ó lè jẹ́ "ìwé yẹn o", ó sì lè jẹ́ "ó ṣebí", ìyẹn ni pé ẹnì kan rò bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká kọ́kọ́ kà á sókè, ká fi ìdánudúró síbi tí ohùn bá ti sinmi, kí àmì ohùn tó kàn.

Èyí tó le jù ni "e o", tó jẹ yọ lẹ́ẹ̀mẹta. Àkọ́kọ́ tẹ̀ lé "ẹ ní", ìlérí ni: "ẹ ó fi ránṣẹ́". "Àbí" ló ṣáájú èkejì, "ni" sì parí rẹ̀, nítorí náà "ẹ ò ráyè ni?" ló jẹ́. Ẹ̀kẹta la ṣì máa padà sí.

Ìkékúrú kò gba àkókò. 2 inú "kia2" ń sọ pé ká pe ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, kíákíá. Ìka ló ṣèèṣì tẹ "s" kejì inú "ransse". Àṣẹ ló tẹ̀ lé "ejo", nítorí náà "ẹ jọ̀ọ́" ni, kì í ṣe ẹjọ́.

Ibi tí àtúnṣe ti ń di gbígbẹ ni ìgbà tí olótùú bá kọ ọ́ báyìí: "Èmi kò tíì rí ìwé náà. Ẹ̀yin wí pé ẹ ó fi ránṣẹ́ ní àná." Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n "o" àti "ṣebí" ti pòórá. Àwọn méjèèjì ló ń fi ọ̀wọ̀ rọ ìránnilétí náà. Láìsí wọn, ó ti di ẹ̀sùn. Lójú tèmi, a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan irú ọ̀rọ̀ kéékèèké bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọ́dọ̀ sọ "mi ò" di "èmi kò".

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí:

"Ẹ káalẹ́ mà. Mi ò tíì rí ìwé yẹn o. Ṣebí ẹ ní ẹ ó fi ránṣẹ́ lánàá, àbí ẹ ò ráyè ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ kíákíá."

Ó ku gbólóhùn ìkẹyìn. "Ẹ jẹ́ n mọ̀ tí ẹ ó bá wá lọ́la" bá a mu, "tí ẹ ò bá wá" náà sì bá a mu. Kò sí ohunkóhun nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà tó lè là á. Ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló mọ̀, òun la ó sì bi.