Ìpín mẹ́fà, ẹsẹ̀ méjì

Bí ìròyìn kan bá ti da ọjà ìpín rú ní Nàìjíríà, mo ti mọ ọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà máa gbé wọ ọ́fíìsì àwa alágbàtà ìpín: "Ọ̀gá, ṣebí mo pín owó mi káàkiri ni, kí ló wá dé tí gbogbo ẹ̀ jọ já lulẹ̀?" Wọ́n á na ìwé sí mi. Ìpín mẹ́jọ, ìpín mẹ́wàá, nígbà mìíràn méjìlá. Mo máa ń ka orúkọ wọn sókè: báǹkì, báǹkì, adójútòfò, báǹkì, báǹkì. Ta ló sọ fún yín pé ẹ pín owó? Orúkọ lẹ pín.

Iye ìpín tí èèyàn ní kọ́ ni ìbéèrè. Ìbéèrè ni iye ẹsẹ̀ tí owó rẹ̀ fi dúró. Ohun tí mò ń pè ní ẹsẹ̀ ni ohun kọ̀ọ̀kan tó lè gbé owó yín sókè tàbí kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ láìjẹ́ pé àwọn yòókù bá a lọ. Báǹkì mẹ́rin tó ń gòkè pọ̀ tó sì ń wálẹ̀ pọ̀ kì í ṣe ẹsẹ̀ mẹ́rin; díẹ̀ báyìí ló fi ju ẹsẹ̀ kan lọ. Iye ẹsẹ̀ yìí ṣeé ṣírò. Kò gba àlá, kò gba aríran, kò sì gba kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọwọ́ òun "tutù" fún ọjà ìpín. Tábìlì kan péré ló gbà.

Tábìlì ìbárìn ni mo ń pè é. Orúkọ àwọn ìpín yín wà lókè, orúkọ kan náà tún wà lápá òsì, òǹkà kan sì wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan tó ń sọ bí ìpín méjì ṣe ń bá ara wọn rìn. Bí òǹkà náà bá jẹ́ 1, wọn kì í yà fún ara wọn. Bí ó bá jẹ́ 0, ọ̀kan kò mọ ohun tí èkejì ń ṣe. Bí ó bá wọ ìsàlẹ̀ 0, bí ọ̀kan bá ti ń gòkè ni èkejì máa ń wálẹ̀. Kò sí ìpín tí kì í bá ara rẹ̀ rìn, nítorí náà 1 ló máa tò láti igun òkè lápá òsì dé igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan tó ní ìpín mẹ́fà, owó kan náà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: báǹkì mẹ́rin, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì kan, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kan. Èmi ni mo yan àwọn òǹkà yìí fún àpẹẹrẹ, kí ìṣirò lè rọrùn. Báǹkì sí báǹkì jẹ́ 0.7. Báǹkì sí sìmẹ́ńtì tàbí tẹlifóònù jẹ́ 0.2. Sìmẹ́ńtì sí tẹlifóònù jẹ́ 0.1. Tábìlì náà ní àpótí 36. Ẹ ro gbogbo ohun tó wà nínú wọn pọ̀, àti 1 tó wà ní ìdábùú, yóò jẹ́ 17.8. Ẹ wá fi 17.8 pín 36. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 2.02.

Ó parí. Ìpín mẹ́fà, ẹsẹ̀ méjì.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí rèé. Ká ní ẹni yìí gbọ́ ìmọ̀ràn àwọn tó ń ta "ìpín ọ̀sẹ̀ yìí" lórí Wásáàpù, tó ra báǹkì méjì sí i, tó sì tún pín owó rẹ̀ dọ́gba sọ́nà mẹ́jọ. Àpótí ti di 64, àròpọ̀ ti di 34, iye ẹsẹ̀ sì ti wálẹ̀ sí 1.88. Ó ra kún un, ẹsẹ̀ rẹ̀ dín kù. Ká tún ní ó tà lára àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́, tó fi báǹkì méjì sílẹ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ńtì àti tẹlifóònù: àpótí 16, àròpọ̀ 7.2, ẹsẹ̀ 2.22. Ẹni tó ní ìpín mẹ́rin dúró dáadáa ju ẹni tó ní mẹ́jọ lọ. Àwọn olùkọ́ orí Tẹligíráàmù tó ń gba owó lọ́wọ́ yín lóṣooṣù kò ní sọ èyí fún yín, nítorí wọn kò jókòó ṣèdánwò kankan lórí rẹ̀ rí. Àwa jókòó, a kà á títí ojú wa fi pọ́n, kí wọ́n tó fún wa níwèé àṣẹ.

Lórí Excel, bí iye owó ìpín ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá wà láti B2 dé G106, ohun tí ẹ máa tẹ̀ nìyí:

```
H3:    =B3/B2-1
àpótí: =CORREL(H$3:H$106, I$3:I$106)
ẹsẹ̀:   =COUNT(P2:U7)/SUM(P2:U7)
```

Ìlà àkọ́kọ́ ni ẹ máa fà dé M106. Ìlà kejì ni fún àpótí ìpín àkọ́kọ́ àti ìkejì. Ẹ pààrọ̀ lẹ́tà fún àwọn yòókù títí P2:U7 yóò fi kún. Ìlà kẹta wà fún ẹni tó pín owó rẹ̀ dọ́gba. Ẹni tí owó rẹ̀ kò dọ́gba gbọ́dọ̀ fi ìdá owó rẹ̀ lórí ìpín kọ̀ọ̀kan sí W2:W7, kí wọ́n rò pọ̀ di 1, kó wá tẹ èyí:

```
=1/SUMPRODUCT(MMULT(P2:U7,W2:W7),W2:W7)
```

Bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá owó ẹni tó ní ìpín mẹ́fà yẹn bá wà lórí báǹkì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí sìmẹ́ńtì àti tẹlifóònù sì gba ìdá kan kan, ẹsẹ̀ 2.02 ti di 1.72. Ẹni tó bá fẹ́ kó péye jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó kọ́kọ́ fi STDEV ìyípadà ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ìpín kọ̀ọ̀kan sọ owó rẹ̀ di púpọ̀ kó tó pín in sí ìdá, nítorí ìpín tó ń fò sókè sódò gbé ẹrù ju èyí tó ń rọra rìn lọ.

Ẹ má ṣe fi iye owó ìpín gan-an ṣe CORREL láé. Bí náírà bá ń dínyì, ohun gbogbo ló ń wọ́n, ìpín tí kò bára tan rárá á sì dà bí ìbejì lójú Excel. Ìyípadà láti ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ lò. Bí ilé iṣẹ́ kan bá pín ìpín ọ̀fẹ́ fún àwọn onípìn-ín, tí iye owó ìpín wá wálẹ̀ sí ìdajì lọ́jọ́ kan, ẹ tún àwọn iye àtẹ̀yìnwá ṣe kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 104, ìyẹn ọdún méjì, kì í sì í ṣe òpìtàn tó mọ gbogbo nǹkan: òǹkà tó bá wà ní 0.1 lórí iye ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ 0, ó sì lè jẹ́ 0.25. Ẹ má máa bá mi jà lórí nọ́ńbà kejì lẹ́yìn ààmì.

Èyí tó le jù ni pé òǹkà ìbárìn kì í dúró lójú kan. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rù bá ba gbogbo ọjà, ẹ ti rí i pé báǹkì sí báǹkì lè gòkè dé 0.9, kí àwọn yòókù sì di 0.6. Lórí ìpín mẹ́fà wa, àròpọ̀ á di 27.6, ẹsẹ̀ á ku 1.30. Àwọn tó wà lọ́jà ní oṣù Kẹta ọdún 2008, nígbà tí ìwọ̀n gbogbo ọjà ìpín Nàìjíríà kọjá 66,000, mọ ohun tí mò ń sọ. Kó tó pé oṣù Kẹta tó tẹ̀ lé e, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 20,000, ẹni tó ní ìpín ogún kò sì rí ibi sá sí. Ti báǹkì tiẹ̀ kò gba kí gbogbo ọjà dàrú. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2024, báǹkì àpapọ̀ CBN ní kí owó ìpìlẹ̀ báǹkì tó ń ṣòwò délẹ̀ òkèèrè di bílíọ̀nù 500 náírà. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 2025, CBN kan náà ní kí àwọn báǹkì tó ṣì wà lábẹ́ ìfàyègbà, ìyẹn àwọn tí CBN ṣì gbà láàyè láti máà tíì mú gbogbo òfin ìyánilówó ṣẹ, dá pínpín èrè fún àwọn onípìn-ín dúró ná. Ìwé kan, láti ọ́fíìsì kan, ọ̀pọ̀ báǹkì ló kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo máa ń ṣe tábìlì méjì fún oníbàárà mi, ọ̀kan fún ọdún méjì tó kọjá, èkejì fún ọjọ́ burúkú, èyí tó kéré nínú iye ẹsẹ̀ méjèèjì ni mo sì máa ń fi gbà á nímọ̀ràn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ń dùn mí jù. Bàbá kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ gbé tábìlì kan wá bá mi, tí ẹnì kan lórí Tẹligíráàmù ṣe fún un. Tábìlì náà dára lójú. Ìpín adójútòfò kékeré mẹ́ta wà níbẹ̀, 0.03, 0.01, 0.04 ló kún ìlà wọn, ọ̀gbẹ́ni náà sì ti sọ fún Bàbá pé ẹsẹ̀ mẹ́ta tó dá dúró nìyẹn. Nǹkan bí ìdajì owó ìfẹ̀yìntì Bàbá ló wà lórí wọn. Mo ṣí àwọn ìyípadà ojoojúmọ́ tó fi ṣe é, mo sì rí 0, 0, 0, 0 tó tò lọ sísàlẹ̀. Àwọn ìpín náà kò dá dúró lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọn kì í tà ni. Lórí NGX, ìyẹn ọjà ìpín Nàìjíríà, bí iye ìpín tí wọ́n tà lójúmọ́ kò bá tó ìwọ̀n tí ọjà là sílẹ̀, iye owó kò ní yí padà. Ìpín tí iye rẹ̀ kì í sábà yí padà kò lè bá ẹnikẹ́ni rìn, Excel á sì kọ òǹkà tó súnmọ́ 0 síbẹ̀ láìṣiyèméjì.

"Bàbá," mo ní, "ẹ ti gbìyànjú láti tà lára wọn rí?"

"Mo gbìyànjú, ọmọ mi. Wọ́n ní kò sí ẹni tó fẹ́ rà á."

Owó iṣẹ́ abẹ ojú ló fẹ́ fi san. A gbé ìpín náà sórí ọjà. Lọ́jọ́ tí olùrà wá dé, ó rẹ iye rẹ̀ sílẹ̀ dé òpin ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tí ọjà gbà láàyè lójúmọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó ṣe tábìlì kankan, ẹ tẹ èyí sábẹ́ ìpín kọ̀ọ̀kan:

```
=COUNTIF(H3:H106,0)
```

Bí ìdáhùn bá ju 26 lọ nínú ọ̀sẹ̀ 104, ẹ yọ ìpín náà kúrò nínú tábìlì. Kí ẹ wá kọ owó tó wà lórí rẹ̀ sọ́tọ̀, pẹ̀lú iye ọjọ́ tó máa gbà kí ẹ tó lè tà á, bí a bá fi iye tí wọ́n ń tà lójúmọ́ lórí ọjà wò ó.